Wáyà tó gún pléènì ṣùgbọ́n tí kò kan tapólì

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ọdún kìn-ín-ní ni mo wà ní yunifásítì. Wọ́n fún wa ní iṣẹ́ kan lórí tapólì onígun mẹ́ta tí wọ́n so mọ́ orí òpó mẹ́ta: A(0, 0, 4), B(6, 0, 2), C(0, 4, 2). Mítà ni gbogbo rẹ̀. Mo ṣe AB × AC, mo rí (8, −12, 24). Ọ̀rẹ́ mi rí (8, 12, 24). Gílóòbù kan wà ní (1, 2, 2): mo ní ó jìnnà sí tapólì ní sẹ̀ǹtímítà 67, òun ní 57. Wáyà iná kan gba (2, −1, 4) kọjá, ọ̀nà tó dorí kọ sì ni (3, 2, 0). Àwa méjèèjì rí i pé wáyà náà gún pléènì, la bá kọ òdo sílẹ̀ pé òun ni àlàfo àárín wáyà àti tapólì. Olùkọ́ fagi lé e, ó kọ mítà 1 síbẹ̀. Níbo la ti ṣìnà?"

Àbúrò mi, ọ̀rẹ́ rẹ ló jàre lórí ìlọ́po kírọ́ọ̀sì àti lórí gílóòbù. Olùkọ́ yín ló jàre lórí wáyà. Àmọ́ àṣìṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò rí bákan náà. Àkọ́kọ́ jẹ́ àṣìṣe àmì. Ìkejì jẹ́ àṣìṣe nípa ohun tí "jìnnà sí" túmọ̀ sí. Ìkẹta ló wù mí láti dáhùn jù, torí pé ìṣirò yín tọ̀nà láti òkè délẹ̀. Ohun tí ẹ ṣírò ni kì í ṣe ohun tí wọ́n bi yín.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti orí òpó. Tí o bá ń rìn lórí etí tapólì láti A dé B, wàá lọ síwájú ní mítà 6 lọ́nà x, o kò ní yà sí ọ̀nà y rárá, wàá sì sọ̀kalẹ̀ ní mítà 2. Ìyẹn ni AB = (6, 0, −2). Láti A dé C, bákan náà, AC = (0, 4, −2). Ohun tí à ń wá báyìí ni fẹ́kítọ̀ kan tó dúró ṣánṣán lórí tapólì, tí igun 90 dígírì wà láàárín òun àti AB, tí 90 dígírì sì tún wà láàárín òun àti AC. Nọ́máàlì là ń pè é. Ìlọ́po kírọ́ọ̀sì ló ń bá wa rí i láìjà, láìta.

Àwọn nọ́ńbà mẹ́ta tó ń jáde nínú ìlọ́po kírọ́ọ̀sì ní ibi tí wọ́n ti ń wá, mo sì fẹ́ kó o mọ ibẹ̀ kó tó di pé a sọ̀rọ̀ lórí àmì. Òjìji ni wọ́n. Ká ní oòrùn wà ní àtàrí gan-an, òjìji tapólì yín máa bọ́ sórí ilẹ̀, yóò jẹ́ onígun mẹ́ta tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan jẹ́ mítà 6 tí èkejì sì jẹ́ mítà 4. Ìwọ̀n ojú rẹ̀ jẹ́ sukúwià mítà 12. Sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, o ti rí 24, nọ́ńbà kẹta. Ká tún ní iná kan ń tàn láti ẹ̀gbẹ́, tó tọ ọ̀nà x gbọọrọ: òjìji tapólì lára ògiri máa ga ní mítà 2, yóò sì fẹ̀ ní mítà 4, ìwọ̀n ojú rẹ̀ á jẹ́ 4. Ìlọ́po méjì rẹ̀ ni 8, nọ́ńbà àkọ́kọ́. Tí iná bá tọ ọ̀nà y, òjìji náà á ga ní 2, á fẹ̀ ní 6, ìwọ̀n ojú rẹ̀ á jẹ́ 6, ìlọ́po méjì rẹ̀ á sì jẹ́ 12.

Ìdí nìyẹn tí ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ fi rí nọ́ńbà kan náà. Ìwọ̀n òjìji kò yí padà láàárín yín. Àmì ló ń sọ ẹ̀gbẹ́ tí tapólì kọjú sí, ibẹ̀ lo sì ti ṣì í. Òjò lè fi hàn ọ́. Igun A ló ga jù, ní mítà 4. B àti C wà ní mítà 2. Omi tó bá bọ́ sórí tapólì yìí máa ṣàn kúrò ní A, á lọ síbi tí x ti ń pọ̀ sí i àti síbi tí y ti ń pọ̀ sí i. Igi tó bá sì dúró ṣánṣán lórí ojú tó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, tó kọ orí sókè, ìhà tí omi ń ṣàn sí náà ni orí rẹ̀ máa ń tẹ̀ sí. Nítorí náà, nọ́máàlì tó kọ orí sókè gbọ́dọ̀ ní x tó ju òdo lọ àti y tó ju òdo lọ. Òdì 12 tìrẹ ń sọ pé omi ń gun òkè láti C lọ sí A.

Báwo ni òdì yẹn ṣe wọlé? Mo ti máàkì ìwé ìdánwò pọ̀ débi pé mo lè sọ ọ́ láìrí ìwé rẹ. Nọ́ńbà àárín ni. Nígbà tó o ń wá nọ́ńbà x, o lo y àti z. Nígbà tó o ń wá nọ́ńbà z, o lo x àti y. Nígbà tó wá kan nọ́ńbà y, ọwọ́ rẹ mú x àti z ní ìtò tí ojú ti mọ́ lára. Ìtò yẹn kọ́ ni. Ó ń yí po ni: x bọ́ sí y, y bọ́ sí z, z padà bọ́ sí x. Ti nọ́ńbà y, z ló ń ṣíwájú, x ló ń tẹ̀ lé e. Àwọn kan máa ń lo àpótí nọ́ńbà onílà mẹ́ta, wọ́n á wá rántí (tàbí gbàgbé) láti yí àmì àárín padà. Èmi kì í lò ó. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń kọ fẹ́kítọ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra, ìkejì sí abẹ́ ìkíní:

```
6   0  -2   6   0  -2
0   4  -2   0   4  -2
```

Pa òpó nọ́ńbà tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti èyí tó wà ní ìparí rẹ́. Ó ku mẹ́rin. Mú wọn ní méjì méjì láti òsì sí ọ̀tún. Nígbà kọ̀ọ̀kan, lo èyí tó sọ̀kalẹ̀ sí ọ̀tún kọ́kọ́, kó o wá yọ èyí tó gòkè sí ọ̀tún kúrò nínú rẹ̀:

```
0*(-2) - (-2)*4 =  8
(-2)*0 - 6*(-2) = 12
6*4    - 0*0    = 24
```

Kò sí àmì kankan láti rántí. Yíyípo náà ti wà nínú bá a ṣe tò ó.

Ó ku ohun kan lórí èyí. Mo fura pé o yẹ ìdáhùn rẹ wò, tó sì yè é. Ìlọ́po dọ́ọ̀tì la fi ń yẹ nọ́máàlì wò: nọ́ńbà àkọ́kọ́ ní ìlọ́po àkọ́kọ́, ìkejì ní ìlọ́po ìkejì, ìkẹta ní ìlọ́po ìkẹta, ká ro wọ́n pọ̀, òdo ló gbọ́dọ̀ jáde. Mú (8, −12, 24) tìrẹ, fi AB yẹ̀ ẹ́ wò: 48 + 0 − 48 = 0. Ó yege! Ṣùgbọ́n òdo ni nọ́ńbà àárín AB, kò lè rí àṣìṣe tó wà ní àárín. Fi AC yẹ̀ ẹ́ wò: 0 − 48 − 48 = −96. Àṣírí tú. Etí méjèèjì lo gbọ́dọ̀ lò nígbà gbogbo, torí pé fẹ́kítọ̀ tó dúró ṣánṣán lórí AB nìkan pọ̀ lọ jàra.

Tó bá jẹ́ pé AC × AB lo ṣe, tó o rí (−8, −12, −24), kì í ṣe àṣìṣe. Gbogbo àmì ló yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, nọ́máàlì náà kàn kọ orí sísàlẹ̀ ni, pléènì kan náà ló wà lórí. Àdámọ́ ìlọ́po yìí ni. William Rowan Hamilton, onímọ̀ ìṣirò ará Áílándì, ló kọ́kọ́ gbà kí ìṣirò rí bẹ́ẹ̀, ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá ọdún 1843, nígbà tó ń rìn létí odò tí wọ́n gbẹ́ ní Dọ́búlìnì: i ní ìlọ́po j jẹ́ k, ṣùgbọ́n j ní ìlọ́po i jẹ́ òdì k. Ó fi ọ̀bẹ fín àgbékalẹ̀ rẹ̀ sára afárá kan níbẹ̀. Lẹ́tà i, j àti k tí ẹ ń rí nínú ìwé yín, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti wá.

Tọ́jú gígùn (8, 12, 24) náà kó o tó dín in kù. Sukúwià rúùtù 64 + 144 + 576, ìyẹn 784, jẹ́ 28. Ìlàjì rẹ̀, 14, ni ìwọ̀n ojú tapólì gan-an ní sukúwià mítà; aṣọ tí wọ́n máa rà nìyẹn, kì í ṣe 12 tí òjìji ilẹ̀ sọ. Lẹ́yìn ìyẹn, o lè fi 4 pín gbogbo rẹ̀, kó di n = (2, 3, 6), tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 7. Ọ̀nà tó dorí kọ kò yí padà, ìṣirò sì rọrùn. Àmọ́ má ṣe fi 7 yìí wá ìwọ̀n ojú mọ́, torí pé o ti pín in.

Ìdọ́gba pléènì wá dé fúnra rẹ̀. Tí ojúàmì (x, y, z) bá wà lórí tapólì, ìlà láti A dé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ bá n ṣe 90 dígírì: 2(x − 0) + 3(y − 0) + 6(z − 4) = 0, èyí tó jẹ́

```
2x + 3y + 6z = 24
```

Fi B sínú rẹ̀: 12 + 0 + 12 = 24. Fi C: 0 + 12 + 12 = 24. Ó péye. Ó dáa kó o mọ̀ pé òpó mẹ́ta ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí rọrùn. Ojúàmì mẹ́ta tí kò tò sórí ìlà kan kì í kọ̀ láti wà lórí pléènì kan. Ẹ̀kẹrin lè kọ̀. Ká ní ẹ ri òpó kẹrin mọ́lẹ̀ ní (6, 4), ìdọ́gba yìí máa sọ pé 12 + 12 + 6z = 24, ìyẹn pé z gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo: igun kẹrin tapólì á kan ilẹ̀. Ẹni tó bá so ó mọ́ ibi gíga ju ìyẹn lọ, tapólì rẹ̀ á lọ́, kò ní jẹ́ pléènì mọ́, ìdọ́gba pléènì yìí kò sì ní lè ṣàpèjúwe rẹ̀ mọ́.

Ó kan gílóòbù. Mo mọ bó o ṣe rí 67. O dúró ní (1, 2), o gbójú sókè, o bi ìdọ́gba léèrè bí tapólì ṣe ga tó níbẹ̀: 2 + 6 + 6z = 24, z jẹ́ 16/6, ìyẹn 2.67. Gílóòbù wà ní mítà 2, ó ku sẹ̀ǹtímítà 67. Ìṣirò yẹn kò ní àbùkù. Gíga tapólì sí gílóòbù ló ń sọ. Ṣùgbọ́n tapólì dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ọ̀nà tó kúrú jù láti gílóòbù dé ara rẹ̀ kì í lọ sókè tààrà. Ó máa ń tẹ̀ lé nọ́máàlì. Nínú ìmọ̀ ìṣirò, tí wọ́n bá sọ pé kí o wá àlàfo láìsọ nǹkan mìíràn, èyí tó kúrú jù ni wọ́n ń béèrè. Fi gílóòbù sínú apá òsì ìdọ́gba: 2 + 6 + 12 = 20. Ó fi 4 kéré sí 24. Fi gígùn nọ́máàlì pín 4 yẹn: 4/7, ìyẹn mítà 0.571, sẹ̀ǹtímítà 57.

Kí ló dé tá a fi 7 pín? Torí pé nígbàkígbà tó o bá rin mítà kan ní ọ̀nà n, apá òsì ìdọ́gba máa ń fi 7 pọ̀ sí i. Gílóòbù nílò 4 péré kó tó dé 24, nítorí náà ìdá mẹ́rin nínú méje mítà ni yóò rìn. Ẹni tó bá gbàgbé pípín yìí máa kọ mítà 4, àwòrán nìkan sì ti tó láti já irọ́ ìyẹn, torí pé òpó tó ga jù lọ kò ju mítà 4 lọ. Pé 20 kéré sí 24 tún sọ nǹkan: abẹ́ tapólì ni gílóòbù wà, níbi tí ìpìlẹ̀ (0, 0, 0) náà wà. Tó bá jẹ́ pléènì orí ìwé lásán ni, ibí la ó ti dúró. Ṣùgbọ́n tapólì ní etí, ó sì yẹ ká mọ ibi tí ọ̀nà kúkúrú náà ti kan án. Láti (1, 2, 2), rìn 4/49 n: wàá dé (1.16, 2.24, 2.49). Tó o bá wò ó láti òkè, (1.16, 2.24) wà nínú onígun mẹ́ta tí òjìji tapólì ṣe sórí ilẹ̀. Nítorí náà, 57 dúró, tapólì wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Ìbéèrè kékeré yìí, "ṣé tapólì wà níbẹ̀ lóòótọ́?", ni ẹ kò bi ara yín nígbà tí wáyà dé. Ẹ kọ ìdọ́gba wáyà dáadáa: ojúàmì kan tẹ́ ẹ mọ̀ pé wáyà gbà kọjá, àti ìṣísẹ̀ tí à ń tún ṣe ní ìgbà t.

```
x = 2 + 3t,  y = -1 + 2t,  z = 4
```

Ẹ ṣọ́ra bí olùkọ́ bá ní kẹ́ ẹ kọ ọ́ láìlo t. Ẹ lè kọ (x − 2)/3 = (y + 1)/2, ṣùgbọ́n ẹ kò lè fi òdo pín z − 4; ẹ ó kọ z = 4 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́tọ̀. Gíga wáyà náà kò yí padà, òun ni òdo tó wà nínú (3, 2, 0) ń sọ.

Fi èyí sínú ìdọ́gba pléènì: 2(2 + 3t) + 3(−1 + 2t) + 24 = 24. Ó di 1 + 12t = 0, t jẹ́ −1/12. Wáyà gún pléènì ní (1.75, −1.17, 4), bẹ́ ẹ ṣe rí i. Wàyí o, wo y níbẹ̀. Òdì ni. Tapólì yín bẹ̀rẹ̀ láti y = 0, kò sí aṣọ kankan ní ẹ̀yìn ibẹ̀. Pléènì kò lópin, ó na ara rẹ̀ kọjá òpó, kọjá ọgbà, kọjá ìlú. Tapólì jẹ́ sukúwià mítà 14 péré lára rẹ̀. Afẹ́fẹ́ lásán ni wáyà náà gún. Òdo yín ni àlàfo àárín wáyà àti pléènì, kò sì sí ìlà kankan tí kò ní fún yín ní òdo bẹ́ẹ̀, àfi èyí tí fẹ́kítọ̀ ọ̀nà rẹ̀ bá n ṣe ìlọ́po dọ́ọ̀tì tó sì jẹ́ òdo, ìyẹn ìlà tó ń bá pléènì rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ láìpàdé.

Nígbà tí wáyà kò gún inú tapólì, ibi tó máa sún mọ́ jù gbọ́dọ̀ wà létí tapólì. Ìdí rẹ̀ ni pé, ká ní inú tapólì ni, ọ̀nà kúkúrú náà á dúró ṣánṣán lórí tapólì àti lórí wáyà pa pọ̀, ìyẹn á sì jẹ́ kí wáyà máa bá tapólì rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́, a sì ti rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè ti di ti ìlà sí ìlà: wáyà sí etí kọ̀ọ̀kan. Ìlọ́po kírọ́ọ̀sì tún padà wá níbí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe. Kì í ṣe nọ́máàlì tapólì là ń wá mọ́, bí kò ṣe fẹ́kítọ̀ tó dúró ṣánṣán lórí ìlà méjì tí kò pàdé, torí pé ọ̀nà tó kúrú jù láàárín wọn gbọ́dọ̀ ṣe 90 dígírì pẹ̀lú méjèèjì. Ká ní kò ṣe bẹ́ẹ̀, a lè sún ẹsẹ̀ kan díẹ̀ kó tún kúrú sí i.

Mú etí AB. Ọ̀nà rẹ̀ ni (6, 0, −2). Mo fi 2 pín in, ó di (3, 0, −1). Ti wáyà ni (3, 2, 0). Lo ọ̀nà ìkọlẹ́ẹ̀mejì tá a lò lókè:

```
(3, 0, -1) x (3, 2, 0) = (2, -3, 6)
```

Gígùn rẹ̀ jẹ́ 7. Má jẹ́ kí ó dà pọ̀ mọ́ n ti tapólì. Wọ́n jọra lójú, àmì àárín wọn yàtọ̀, iṣẹ́ wọn sì yàtọ̀. Báyìí, mú ojúàmì èyíkéyìí lórí AB àti èyíkéyìí lórí wáyà, so wọ́n pọ̀, kó o wá wo bí ìlà tó so wọ́n pọ̀ ṣe gùn tó ní ọ̀nà (2, −3, 6). Láti A sí (2, −1, 4) jẹ́ (2, −1, 0). Ìlọ́po dọ́ọ̀tì: 4 + 3 + 0 = 7. Fi 7 pín 7: mítà 1. Olùkọ́ yín nìyẹn.

Tó o bá ń ṣiyèméjì pé ojúàmì èyíkéyìí ló lè ṣe é, bẹ̀rẹ̀ láti B dípò A. Láti B sí (2, −1, 4) jẹ́ (−4, −1, 2). Ìlọ́po dọ́ọ̀tì: −8 + 3 + 12 = 7. Mítà 1 náà ni. Rírìn lórí AB kò lè yí i padà, torí pé (2, −3, 6) kò rí ìrìn tó bá a ṣe 90 dígírì rárá. Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n ṣe ìṣirò yìí láti ojúàmì méjì nígbà gbogbo. Kò gba ìṣẹ́jú kan, àwọn àṣìṣe àmì tó ń sá pamọ́ sì sábà máa ń yọjú níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n etí náà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin gẹ́gẹ́ bí tapólì. Ó yẹ ká mọ ibi tí mítà 1 yẹn ti kan án. Ìlà tó so ojúàmì orí AB mọ́ ti orí wáyà gbọ́dọ̀ jẹ́ 1/7 ti (2, −3, 6), torí pé ìyẹn ni gígùn rẹ̀ fi jẹ́ 1. Ojúàmì orí AB ni (3s, 0, 4 − s), s sì bẹ̀rẹ̀ láti 0 ní A títí dé 2 ní B. Ìyàtọ̀ gíga láàárín wáyà àti etí ni 4 − (4 − s), ìyẹn s, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ 6/7. Ó wà láàárín 0 àti 2. Níbi (2.57, 0, 3.14) lórí etí, àti (2.86, −0.43, 4) lórí wáyà, ibẹ̀ ni wọ́n ti sún mọ́ra jù. Aṣọ wà níbẹ̀.

Mo ní kó o ṣe etí AC náà fúnra rẹ kó o tó ka ibi tó kù, torí pé ohun kan wà níbẹ̀ tó lè tan ènìyàn jẹ. Ọ̀nà AC ni (0, 2, −1). Ìlọ́po kírọ́ọ̀sì rẹ̀ pẹ̀lú wáyà, tí a bá kọ wáyà síwájú, ni (−2, 3, 6), gígùn rẹ̀ jẹ́ 7. Láti A sí (2, −1, 4), ìlọ́po dọ́ọ̀tì jẹ́ −4 − 3 = −7. A kì í fi àmì sí àlàfo, nítorí náà 7/7, mítà 1 lẹ́ẹ̀kan sí i! Ẹni tó bá dúró níbí á kọ ọ́ sílẹ̀ pé etí méjèèjì jìnnà sí wáyà bákan náà. Ṣùgbọ́n wá ibi tó ti kan án. Ìlọ́po dọ́ọ̀tì jẹ́ òdì, nítorí náà ìlà tó so etí mọ́ wáyà jẹ́ −1/7 ti (−2, 3, 6). Gíga rẹ̀ jẹ́ −6/7. Lórí AC, ojúàmì ni (0, 2s, 4 − s), ìyàtọ̀ gíga sí wáyà sì tún jẹ́ s. s jẹ́ −6/7. Ṣáájú A! Ìlà AC tí kò lópin ló sún mọ́ wáyà ní mítà 1, lókè orí òpó, níbi tí kò sí okùn, tí kò sí aṣọ.

Nígbà tó bá rí báyìí, orí igun tó wà ní òpin ìhà yẹn ni etí ti sún mọ́ wáyà jù, ìyẹn A. Ìbéèrè wá di ti ojúàmì sí ìlà, ìlọ́po kírọ́ọ̀sì sì lè dá a ṣe láìsí ìlọ́po dọ́ọ̀tì. Láti A sí wáyà ni (2, −1, 0). Ọ̀nà wáyà ni (3, 2, 0). Ìlọ́po kírọ́ọ̀sì wọn ni (0, 0, 7). Gígùn yìí, 7, ni ìwọ̀n ojú páráléló­gíráàmù tí fẹ́kítọ̀ méjèèjì jọ ṣe. Ìwọ̀n ojú páráléló­gíráàmù sì ni ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ìlọ́po gíga rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni gígùn (3, 2, 0), sukúwià rúùtù 13, tó jẹ́ 3.61. Gíga ni àlàfo tí à ń wá: 7 tí a fi 3.61 pín, mítà 1.94. Ìlọ́po méjì irọ́ àkọ́kọ́ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Ọ̀nà yìí kan náà lẹ máa lò tí ìlọ́po kírọ́ọ̀sì ìlà méjì bá jẹ́ (0, 0, 0), torí pé ìyẹn ń sọ pé wọ́n ń bá ara wọn rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì sí gígùn kankan láti fi pín.

Etí BC kò ní wàhálà. Òun àti wáyà kò gòkè, wọn kò sọ̀kalẹ̀. Ìlọ́po kírọ́ọ̀sì wọn dorí kọ òkè tààrà, àlàfo wọn sì ni ìyàtọ̀ gíga wọn, 4 − 2, mítà 2. Wáyà gba òkè etí náà kọjá láàárín B àti C lóòótọ́. Nínú 1, 1.94 àti 2, 1 ló kéré jù.

Tó bá jẹ́ pé tapólì gidi lẹ fẹ́ so sábẹ́ wáyà gidi, ẹ fi sọ́kàn pé wáyà kì í nà gbọọrọ láàárín òpó iná méjì. Ó máa ń rọ̀ sísàlẹ̀ láàárín. z = 4 tí wọ́n fún yín jẹ́ gíga kan ṣoṣo. Ẹ má ṣe gbé igi ìwọ̀n lọ sí òkè (2.86, −0.43), níbi tí wáyà ti sún mọ́ etí AB jù; ẹni tó wà nílẹ̀ tó ń fojú wo ó lókèèrè ni kó wọ̀n ọ́n, ẹnikẹ́ni má sì gbé irin kan súnmọ́ wáyà tí iná wà lára rẹ̀.